Àpò Atọ́ka àti Ìpín Ilé-iṣẹ́ Kan Ṣoṣo: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Fowó Pamọ́ fún Ọjọ́ Pípẹ́?

Ẹni tó bá ra ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ kan ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà, bó ti wù kí ìpín rẹ̀ kéré tó. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jèrè, ó lè gba tirẹ̀ nínú èrè ọdọọdún. Bí iye rẹ̀ bá gun òkè lọ́jà, ìpín ọwọ́ rẹ̀ náà á gun òkè. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, àwọn tó ni ìpín ló máa ń gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń pín ohun tó kù. Ìjọba, òṣìṣẹ́ àti báńkì tó yá wọn lówó á ti gba tiwọn, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀ nígbà tó bá kan onípìn-ín.

Nínú ọjà ìpín ìdókòwò, irú èyí tó wà ní Èkó tàbí ní Niu Yọ́ọ̀kì, ìpín kan á lọ sókè lónìí, òmíràn á lọ sílẹ̀. Kí àwọn èèyàn lè mọ bí ọjà lápapọ̀ ṣe ń rìn, wọ́n a máa ṣa àwọn ilé-iṣẹ́ kan jọ, wọn á ṣírò iye wọn pọ̀, wọn á sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ ọ́. Nọ́ńbà yẹn ni atọ́ka. Èyí tí wọ́n ń pè ní S&P 500 ti ń ka nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà láti 1957. Lọ́jà Nàìjíríà, NGX 30 ń ka ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ tó tóbi, tí ìpín wọn sì ń tà dáadáa. Wọn kì í ka gbogbo wọn bákan náà: èyí tó bá tóbi jù ló máa ń wúwo jù nínú ìṣirò.

Àpò atọ́ka ni àpò owó àjọni tó ń ra gbogbo ìpín tó wà nínú atọ́ka kan, ní ìwọ̀n tí atọ́ka náà fi kà wọ́n. Bí àwọn tí agbára wọn kò ká odidi màlúù Iléyá ṣe máa ń dáwó jọ, tí oníkálukú á sì rí gbà níbi itan, níbi àyà àti níbi ẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi 10,000 náírà sínú àpò atọ́ka ṣe ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Alábòójútó àpò náà kì í jókòó ronú pé báńkì wo ló máa ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń dàgbà, ìwọ̀n rẹ̀ nínú àpò á máa pọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí iye rẹ̀ ló ń gun òkè. Bí òmíràn bá ń joro, ìwọ̀n rẹ̀ á máa kéré sí i, bó bá sì joro kọjá ààlà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nígbà àyẹ̀wò, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó lówó nínú àpò náà lè má tilẹ̀ gbọ́ sí i.

Ohun tó mú kí èyí dára fún ẹni tó ń fowó pamọ́ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún fara pamọ́ díẹ̀, ó sì tọ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn lérò pé bí ọjà bá ṣe dáadáa, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ ìpín tó wà níbẹ̀ ló ṣe dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arisónà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tó ti tọpasẹ̀ àwọn ìpín tí wọ́n ń tà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1926 títí dé 2016. Ilé-iṣẹ́ tó yẹ̀ wò lé ní 25,000. Ó fi ohun tí ìpín kọ̀ọ̀kan mú wá wé ohun tí ẹni tó kàn ń yá ìjọba lówó fún oṣù kọ̀ọ̀kan ì bá rí gbà. Ó rí i pé ó ju ìdajì àwọn ìpín náà lọ tí èrè wọn kò tó ti ẹni tó yá ìjọba lówó. Gbogbo ọrọ̀ tí ọjà náà mú wá kọjá ti ẹ̀yáwó ìjọba láàárín àádọ́rùn-ún ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ bí ìdá 4 péré nínú 100 ló ti wá. Àwọn ìdá 96 yòókù, bí a bá da èrè àti òfò wọn pọ̀, kò ju bí ẹni tó yá ìjọba lówó lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Ìpín tí èèyàn rà ní 10,000 náírà kò lè pàdánù ju 10,000 náírà lọ, àmọ́ kò sí ibi tí èrè rẹ̀ ò lè dé: ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá, ó lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Àwọn díẹ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbé gbogbo ọjà dìde.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá péré wà nínú rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Àwọn iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ nìkan, wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Ká ní ẹnì kan fi 10,000 náírà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ 100,000 lápapọ̀, tó sì lọ fún ogún ọdún. Nígbà tó fi padà dé, méjì ti kógbá sílé, owó ibẹ̀ ti di òfo. Mẹ́ta ti dín kù sí 5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti di 20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ti di 300,000. Bó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò bá 395,000 náírà níbẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó yàn láti ra ìpín kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mẹ́wàá ni yóò mú èyí tó di 300,000. Bó bá ra mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá ni yóò rí i mú. Ìgbà méje yòókù, kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní in lọ́wọ́, gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó kù mú wá jẹ́ 95,000 lórí 90,000 tí wọ́n fi sí wọn, èyí tó jẹ́ pé 10,000 kọ̀ọ̀kan kàn di nǹkan bí 10,550 lẹ́yìn ogún ọdún. Ọjà kan náà, ọdún kan náà, ẹnì kan rí ìlọ́po mẹ́rin, ẹnì kejì rí owó tí ọ̀wọ́ngógó ti jẹ tán. Kì í ṣe pé ẹni kejì gọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú àpò atọ́ka kò ní irú ẹ̀rù yìí, nítorí ilé-iṣẹ́ tó máa gbé ọjà dìde, bó bá ti lè wọ inú atọ́ka, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó bá ṣe ìwádìí dáadáa yóò mọ èyí tó dára yàtọ̀. Ìtàn àwọn báńkì Nàìjíríà jẹ́ ká rí bí ìyẹn ṣe ṣòro tó. Ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, 25 ló kù. Láti rí owó náà kó jọ, wọ́n ta ìpín fún gbogbo èèyàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba rà, tíṣà rà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà, àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó láti rà. Iye ìpín ń lọ sókè lójoojúmọ́, ìwé ìṣirò owó tí àwọn báńkì ń tẹ̀ jáde sì dùn ún wò.

Ní oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó gba ipò lẹ́yìn Soludo yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan náà: Oceanic, Intercontinental, Union, Afribank àti FinBank. Gbèsè tí kò ṣeé gbà padà ti jẹ owó ìpìlẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì kó ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn báńkì tuntun mẹ́ta. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ sí báńkì náà kò sọnù. Àwọn tó ra ìpín báńkì ni kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àwọn onípìn-ín Oceanic bá ara wọn lábẹ́ Ecobank, ti Intercontinental bá ara wọn lábẹ́ Access, ohun tó sì kù sí wọn lọ́wọ́ kò jọ ohun tí wọ́n san rárá.

Nígbà kan náà yìí, Zenith àti GTBank ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n sì ń pín èrè. Èèyàn tó dúró ní ọdún 2007 pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó báńkì méje níwájú rẹ̀, báwo ni ìbá ṣe mọ̀ pé èyí ló máa yè, tọ̀hún ló máa lọ? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn báńkì náà gan-an ra ìpín wọn, wọ́n sì pàdánù. Ìwé tí gbogbo èèyàn ń kà kò sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ ká sọ ìhà kejì pẹ̀lú. Ẹni tó ní gbogbo ọjà lọ́wọ́ lákòókò náà kò bọ́ nínú ìyà. Atọ́ka gbogbo ìpín lọ́jà Èkó, tó wà lókè 66,000 ní oṣù Kẹta 2008, ti wálẹ̀ sí bí 20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Ẹni tó ní 100,000 náírà níbẹ̀ bá nǹkan bí 30,000. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà lápapọ̀ kò kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó yè ń bá òwò wọn lọ, wọ́n ń pín èrè lọ́dọọdún, atọ́ka náà sì ń gun òkè padà. Ìpín Afribank kò ní ìgbà kankan tó máa padà wá.

Ìdí kejì tí àpò atọ́ka fi yẹ ẹni tó ń fowó pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ ni owó ìtọ́jú. Gbogbo àpò àjọni ló ń yọ owó díẹ̀ lọ́dọọdún nínú owó tó wà níbẹ̀ fún alábòójútó. Àpò tí àwọn ògbóǹtarìgì ti ń ṣa ìpín máa ń gbà ju àpò atọ́ka lọ, nítorí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí, wọ́n sì ń rà, wọ́n ń tà ní gbogbo ìgbà. Ìdá 1 tàbí ìdá 1 àti ààbọ̀ nínú 100 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹni méjì fi mílíọ̀nù kan náírà síbì kan fún ọgbọ̀n ọdún, tí ọjà sì ń mú ìdá 8 nínú 100 wá lọ́dún. Èyí àkọ́kọ́ ń san ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fún ìtọ́jú lọ́dọọdún, èyí kejì ń san ìdá 1 àti ààbọ̀ nínú 100. Ní òpin ọgbọ̀n ọdún, èyí àkọ́kọ́ á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.8, èyí kejì á ní bíi mílíọ̀nù 6.6. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tó ti bá owó ìtọ́jú lọ, tí kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú. Wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n àwọn ògbóǹtarìgì á san owó yẹn padà, William Sharpe, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ti dáhùn rẹ̀ ní 1991 pẹ̀lú ìṣirò tí ọmọ iléèwé lè ṣe. Gbogbo ìpín tó wà lọ́jà, èèyàn ló ni ín. Àwọn tó wà nínú àpò atọ́ka gba èrè ọjà gẹ́lẹ́, kí a tó yọ owó ìtọ́jú. Nítorí náà àwọn yòókù, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, èrè ọjà náà gẹ́lẹ́ ni àwọn náà gbà, nítorí àwọn ló ni ohun tó kù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba ju ti ọjà lọ, ẹlòmíràn láàárín wọn ló gba kéré sí i. Lẹ́yìn tí oníkálukú bá wá san owó ìtọ́jú tirẹ̀, àwọn tó san púpọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó san díẹ̀, ní ìpíndọ́gba. Ọgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè yí èyí padà.

Wọ́n sì ti dán an wò ní gbangba. Warren Buffett, tí òun fúnra rẹ̀ di olówó nípa ṣíṣa ìpín, ta mílíọ̀nù kan dọ́là pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Protégé Partners pé àpò atọ́ka S&P 500 lásán yóò ju àpò márùn-ún tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn yàn lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 dé òpin 2017. Àwọn àpò márààrún náà jẹ́ ti àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, tí owó wọn sì wọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́, Buffett ló wà lẹ́yìn: atọ́ka náà já wálẹ̀ ní ìdá 37 nínú 100, kò sì sí èyí tó já tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àpò atọ́ka ti jèrè ìdá 125.8 nínú 100, ìpíndọ́gba èrè àwọn márùn-ún sì jẹ́ bí ìdá 36. Buffett kó owó tó jẹ náà fún ẹgbẹ́ aláàánú.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú àpò yìí wá sọ́dọ̀ ará ìlú ni John Bogle, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Vanguard. Ní oṣù Kẹjọ 1976, ó retí pé òun á kó mílíọ̀nù 150 dọ́là jọ. Ohun tó rí kò ju bí mílíọ̀nù 11 lọ, tí kò tilẹ̀ tó láti ra gbogbo ìpín 500 náà. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, ìdá mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ọ̀kan nínú àwọn àpò S&P 500 ti Vanguard ń gbà lọ́dún, ìyẹn dọ́là mẹ́ta lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà fowó pamọ́ ni pé kí wọ́n máa yọ iye kan lóṣooṣù. Níbí gan-an ni ìyàtọ̀ àárín àpò atọ́ka àti ìpín kan ṣoṣo tún ti hàn. Ká ní ẹnì kan ń fi 10,000 náírà ra ẹyọ ìpín àpò lóṣooṣù. Lóṣù tí ẹyọ kan jẹ́ 50 náírà, ó rí 200 rà. Lóṣù tí ó já sí 25, ó rí 400 rà. Bí iye bá padà sí 50, ẹyọ 600 tó ní ti di 30,000 lórí 20,000 tó ná. Ọjà tó já ti ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí dúró lórí pé iye náà padà. Ẹni tó ń ra ìpín Afribank sí i bó ṣe ń já, tó rò pé òun ń ra ohun tó wọ́pọ̀, ńṣe ló ń fi owó rere lé owó tó ti sọnù. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ láti ojú iye ìpín nìkan pé èyí tó já yìí yóò dìde tàbí yóò kú. Fún atọ́ka tó kó ọgbọ̀n tàbí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé-iṣẹ́ pọ̀, ikú ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe ikú àpò.

Síbẹ̀, àpò atọ́ka ní ààlà tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń polówó rẹ̀ láìsọ èyí kò ṣe olóòótọ́. Èkíní, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni bí gbogbo ọjà bá wálẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2007 dé oṣù Kẹta 2009, S&P 500 pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lọ. Ó sì lè pẹ́ kó tó padà. Atọ́ka Nikkei ti Jàpáàn dé bí 38,900 ní òpin 1989. Oṣù Kejì 2024 ló tó kọjá ibẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ti Nàìjíríà, tó já ní 2008, kò kọjá góńgó rẹ̀ àtijọ́ títí di 2023, nígbà tí 66,000 ti 2023 kò sì lè ra ohun tí 66,000 ti 2008 ń rà mọ́, nítorí náírà ti dín kù púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá lè ra ju atọ́ka orílẹ̀-èdè kan lọ fi sàn ju ẹni tó fi gbogbo rẹ̀ síbì kan.

Èkejì, atọ́ka tó ní ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ lè dúró lórí díẹ̀ nínú wọn. Lọ́jà Èkó, àwọn òmìrán bíi Dangote Cement, MTN Nigeria, Airtel Africa àti BUA Foods wúwo gan-an. Ẹni tó rò pé òun ti tan owó òun ká orí ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ lè rí i pé apá ńlá nínú rẹ̀ wà lórí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí ṣì sàn ju orí ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kò tó S&P 500. Bí àpò bá sì jẹ́ ti ẹ̀ka kan ṣoṣo, bíi ti báńkì nìkan, orúkọ atọ́ka tó ń jẹ́ kò mú un yàtọ̀ púpọ̀ sí fífi gbogbo owó lé ẹ̀ka kan lórí.

Ní Nàìjíríà, àwọn àpò atọ́ka tí wọ́n ń tà lórí ọjà ìpín gan-an wà, bíi Vetiva Griffin 30 ETF àti Stanbic IBTC ETF 30 tí wọ́n ń tẹ̀lé ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Lotus Halal Equity ETF wà fún àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí owó wọn kan báńkì elérèélé tàbí ọtí. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò lọ bá alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, wọn á ṣí àkáùńtì fún un lọ́dọ̀ CSCS tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín, alágbàtà á sì bá a rà á bí ẹni ń ra ìpín èyíkéyìí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí olùrà máa ṣọ́. Àwọn tó ń ra irú ẹyọ yìí lọ́jà Èkó kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìpín tó wà nínú àpò, bí a bá pín iye rẹ̀ sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó 40 náírà, síbẹ̀ kí ẹni tó ń tà máa bèèrè 46, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń tà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá rà á ní 46 ti pàdánù náírà mẹ́fà kó tó kúrò níbẹ̀. Alábòójútó àpò máa ń kéde iye ohun tó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí olùrà kọ́kọ́ wo ìyẹn, kó sì sọ fún alágbàtà iye tó ga jù tí òun lè san. Lẹ́yìn ọdún kan, kó fi èrè àpò wé ti atọ́ka tó ń tẹ̀lé, pẹ̀lú èrè ọdọọdún tí àwọn ilé-iṣẹ́ pín. Bí àpò bá wà lẹ́yìn ní ìwọ̀n owó ìtọ́jú rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún, owó ń jò níbì kan.

Fún Yorùbá tó wà ní Bìrìtìkó, àkáùńtì ISA gbà wọ́n láàyè láti fi tó 20,000 pọ́n-ùn lọ́dún síbi tí owó-orí kò ní kan èrè rẹ̀, àpò atọ́ka sì wà lára ohun tí wọ́n lè rà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń rí i nínú àkáùńtì ìfẹ̀yìntì 401(k) tí ibi iṣẹ́ wọn ṣí fún wọn. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé àpò tí owó ìtọ́jú rẹ̀ wọ́n máa ń wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú èyí tó rọjú, orúkọ wọn sì máa ń jọra. Nọ́ńbà owó ìtọ́jú ni kí èèyàn wò kó tó wo orúkọ.

Ìpín kan ṣoṣo ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó mọ òwò kan dáadáa, tó ní àsìkò láti máa ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀, tó sì lè farada kó pàdánù gbogbo ohun tó fi síbẹ̀, kò sí ohun tó burú bó bá rà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kí òṣìṣẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ìpín ibi iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, nítorí bí ibẹ̀ bá ṣubú, owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì á jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Enron ní Amẹ́ríkà nìyẹn ní 2001. Owó iléèwé tí wọ́n máa san lọ́dún tó ń bọ̀, owó ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ láìpẹ́, àti owó àìsàn kò yẹ nínú ìpín kan ṣoṣo, kò sì yẹ nínú àpò atọ́ka náà. Kí àwọn wọ̀nyí wà ní báńkì tàbí lọ́wọ́ ìjọba. Owó tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n máa gbé lọ sínú àpò atọ́ka, lóṣooṣù, kí wọ́n má sì tà á nítorí pé ọjà já.